Ìdérí gíáàbọ́ọ̀sì tó yí sódì: bí a ṣe ka àwòrán iṣẹ́ kan ní Iléṣà

Ilé iṣẹ́ àdín kan ní ọ̀nà Òṣú ni iṣẹ́ yìí ti wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀ ní gíáàbọ́ọ̀sì kan, ìdérí káàsì tó bo orí ṣáfútù rẹ̀ sì sán. Inú ìdérí náà ni bíárìn 6205 ń jókòó sí, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi páànù bò kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé àfọ́kù rẹ̀ ṣì wúlò fún wíwọ̀n, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwòrán nìkan ló kù. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gbé e lọ fún tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin.

Tọ́nà yẹn gbẹ́ ìdérí tuntun láti ara irin káàsì, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ lójú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ihò wọn mu, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n fi ń yẹ òróró wò bọ́ sí apá òsì, sí ẹ̀yìn ìbòrí bẹ́líìtì, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Wọ́n yí ìdérí náà po kí ihò lè padà sí ọ̀tún. Ìsàlẹ̀ tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ wá lọ sókè, etí rẹ̀ tó rí roboto kọlu irin tí gíáàbọ́ọ̀sì jókòó lé, kò sì wọlé. Lórí gbogbo èyí, bíárìn kàn já sínú ihò rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í, ó sì ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni màmá tó ni ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n pè mí. Àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Iléṣà, wọ́n sì fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i pé àwòrán náà ni kò dára. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán wá ná.

Ojú méjì ló wà lórí bébà náà. Ojú ti apá òsì dà bí ẹni pé wọ́n fi ayùn la ìdérí náà sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi fíláǹjì hàn, ìyẹn etí gbígbòòrò tí ihò bóòtù wà lára rẹ̀, èyí tó nípọn tó mílímítà 18, ó fi ọrùn kan hàn tó yọ síwájú ní apá òsì láti wọ inú ẹnu gíáàbọ́ọ̀sì, ó sì fi ihò bíárìn hàn nínú ọrùn náà. Ihò yìí kò lu jáde sí òdìkejì, ìdérí olójú dídí ni. Ojú ti apá ọ̀tún jẹ́ òbìrí ńlá tí wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú ihò bóòtù mẹ́rin tí àyè àárín wọn dọ́gba, àti ihò òróró kan ṣoṣo lápá ọ̀tún.

Ìbéèrè tó kù kò ju ọ̀kan lọ: òbìrí yẹn, ta ló ń wò ó, láti ìhà wo? Ṣé ẹni tó dúró sí apá ọrùn ni, àbí ẹni tó dúró síta? Bí ó bá jẹ́ apá ọrùn, ihò òróró tó wà lọ́tùn-ún nínú àwòrán yóò bọ́ sí òsì nígbà tí ìdérí bá ti jókòó sórí ẹ̀rọ tí a sì ń wò ó láti ìta. Bí ó bá jẹ́ láti ìta, ọ̀tún ni yóò wà. Irin kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, síbẹ̀ ìdérí méjì ló máa jáde, èkíní kò sì lè rọ́pò èkejì bó ti wù kí a yí i.

Ètò méjì ni àwọn tó ń yàwòrán ń lò láti to àwọn ojú wọ̀nyí. Àwa tó ṣe tẹ́kíníkà dírọ́ìn nílé ẹ̀kọ́ ń pè wọ́n ní fáàsì áńgù àti tọ́ọ̀dù áńgù. Nínú fáàsì áńgù, ohun tí a rí láti apá òsì ni a ń yà sí apá ọ̀tún, ohun tí a rí láti òkè sì ń lọ sí ìsàlẹ̀. Nínú tọ́ọ̀dù áńgù, ojú kọ̀ọ̀kan ń dúró sí apá tí a ti wò ó: ti ọ̀tún lọ́tùn-ún, ti òkè lókè. Fáàsì áńgù ló pọ̀ jù nínú àwòrán tó ti Yúróòpù, Íńdíà àti Ṣáínà wá, tọ́ọ̀dù áńgù ni ti Amẹ́ríkà àti Japan. Ní ilé ìtàjà irin wa, àwòrán láti gbogbo ibẹ̀ ló ń wọlé, nítorí náà kò sí èyí tí èèyàn lè fi ṣe àṣà.

Àwòrán tó pé máa ń ní àmì kékeré kan nínú àpótí ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún láti sọ ètò tí wọ́n lò. Àmì náà jẹ́ ojú méjì ti irin roboto kan tí ẹnu rẹ̀ kan kéré ju ìkejì lọ: a yà á láti ẹ̀gbẹ́, a sì yà á láti iwájú bí òbìrí méjì tó wà nínú ara wọn. Bí ẹnu kékeré bá kọjú sí òbìrí méjì yẹn, tọ́ọ̀dù áńgù ni. Bí ẹnu ńlá ló bá kọjú sí wọn, fáàsì áńgù ni. Mo wá àmì yìí lórí bébà wọn, n kò rí i. Ẹni tó ya fọ́tò àwòrán náà kò mú igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí i. Tọ́nà àkọ́kọ́ náà kò rí àmì kankan, ó sì kà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìyẹn fáàsì áńgù. Ó gbà pé ojú ọ̀tún yẹn, láti apá ọrùn ni wọ́n ti wò ó. Ó kọ ọrùn sí ara rẹ̀, ó sàmì ihò òróró sí ọ̀tún, ó sì lu ú.

Ṣùgbọ́n àwòrán náà ti sọ òtítọ́ níbòmíràn. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣọ́ ẹ̀rọ tan iná fóònù rẹ̀ sórí ojú ọ̀tún náà, kó sì sọ irú ìlà tó rí fún mi. Òbìrí tó tóbi jù jẹ́ ìlà tó ki, tó lọ láìdáwọ́ dúró. Nínú rẹ̀, òbìrí ti ọrùn tó jẹ́ 90 àti ti ihò bíárìn tó jẹ́ 52, ìlà gígé-gígé ni àwọn méjèèjì. Nínú àwòrán iṣẹ́, ìlà gígé-gígé túmọ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí irin bò mọ́ ẹni tó ń wò ó lójú. Ẹni tó bá dúró sí apá ọrùn yóò rí ọrùn àti ẹnu ihò bíárìn kedere, ìlà tó lọ gbọọrọ ni wọn ì bá jẹ́. Bí wọ́n ti jẹ́ gígé-gígé, ẹ̀yìn ìdérí ni ẹni tó ń wò wọ́n wà. Ìta ni. Ojú tí a rí láti ọ̀tún ni wọ́n yà sí ọ̀tún, tọ́ọ̀dù áńgù sì nìyẹn.

Kí a má bàa gbé ẹ̀rí karí ìlà nìkan, a gé páálí kan. Mo ya òbìrí onímílímítà 140 sí i, mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní 52 sí àárín, mo lu ihò bóòtù mẹ́rin àti ihò òróró bí wọ́n ṣe rí nínú àwòrán, mo sì kọ "ÌTA" sí ojú tó kọ sí mi. A gbé e mọ́ ẹnu gíáàbọ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí irin ìjókòó láì kàn án, ihò òróró sì bọ́ sí apá tí ọwọ́ ń dé. Páálí kò ná wa ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Irin káàsì tí wọ́n ti gbẹ́ sódì kò ṣeé yí padà.

Àlébù kejì ni bíárìn tó ń mì. Tọ́nà náà sọ pé 52 ni wọ́n kọ, 52 ni òun gbẹ́. Mo fi ohun èlò wọn inú ihò náà, ó jẹ́ 52.2. Kì í ṣe pé ó purọ́. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí pé ìwọ̀n tí wọn kò bá kọ ohunkóhun sí lára, kí a lo ISO 2768-m fún un. Nínú ìlànà yẹn, ìwọ̀n tó ju 30 lọ tí kò ju 120 lọ lè fi 0.3 pọ̀ jù tàbí kó fi 0.3 dín. Lójú ẹni tó ka ọ̀rọ̀ yẹn, 52.2 ò yẹ̀.

Ohun tó fojú fò ni lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan tó tẹ̀ lé 52 náà: 52 H7. Bí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí ara ìwọ̀n kan, ọ̀rọ̀ gbogbogbò tó wà nísàlẹ̀ kò kàn án mọ́. Lẹ́tà ńlá, ihò ni ó ń sọ. Lẹ́tà kékeré, ohun tó ń wọnú ihò. H túmọ̀ sí pé ihò náà kò gbọdọ̀ kéré ju 52 gan-an lọ, 7 sì ń sọ bí àyè tó wà lókè 52 ṣe fẹ̀ tó. Fún ihò tó tóbi tó báyìí, àyè náà jẹ́ 0.030. Nítorí náà láti 52.000 dé 52.030 ni wọ́n gbà. Ìta bíárìn 6205 fúnra rẹ̀ jẹ́ 52.000, ó sì lè fi 0.013 dín. Nínú ihò tó bá àwòrán mu, àtàǹpàkò ni a ó fi tì í wọlé, kò sì ní mì. Nínú 52.2, òrùka ìta bíárìn yóò máa yí pẹ̀lú ṣáfútù, yóò sì máa jẹ ihò káàsì náà díẹ̀díẹ̀ títí gíáàbọ́ọ̀sì yóò fi máa pariwo.

Bíárìn yìí kan náà ló tún fi dá mi lójú pé mílímítà ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwọ̀n, nítorí pé 52 ni ìta rẹ̀, 15 sì ni fífẹ̀ rẹ̀. Àwòrán tó ń lo tọ́ọ̀dù áńgù lè jẹ́ ti íǹṣì, ó sì yẹ kí èèyàn wá ohun kan tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i tí ẹnìkan ń gbé rúlà lé orí fótókọ́pì láti mọ bí nǹkan ṣe tóbi. Kò tọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti sún àwòrán náà kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni ká tẹ̀ lé, kì í ṣe gígùn ìlà.

A gbé iṣẹ́ náà fún tọ́nà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní léètì nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ṣàlàyé apá tí ihò òróró máa wà fún un, mo fi páálí sílẹ̀, mo sì fi kálámù pupa yí H7 po. Ó béèrè bí òun ṣe máa wọn 0.030. Fáníà kò ṣeé gbára lé nínú ihò fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo gbé gẹ́ẹ̀jì tó ń na apá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì inú ihò fún un, tí a máa ń yọ jáde tí a sì ń fi maikirómítà wọn. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kó jẹ́ kí irin tutù kó tó wọn ọ́n. Bí káàsì bá fi dígírì 20 gbóná ju yàrá lọ, ihò onímílímítà 52 yóò fi nǹkan bí 0.011 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àyè tí wọ́n fún wa. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà tó gbóná tó rí 52.005 yóò rò pé òun ti dé, bó bá sì tutù tán, bíárìn lè má wọlé. Èyí tó gbẹ́ jẹ́ 52.018 nígbà tó tutù.

Ó gbé e lọ sí Òṣú fúnra rẹ̀, nítorí pé màmá ti ń pè léraléra. Ihò òróró wà ní ààyè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kò kan nǹkan. Àtàǹpàkò ló fi ti bíárìn wọlé. Ó wá fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣáfútù tó ń fi ọwọ́ yí tẹ́lẹ̀ sì le. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti há o. Gbogbo ẹ̀ ló bára mu, àmọ́ ṣáfútù ò yí mọ́."

Mo ní kó tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀ kó tún yí i. Ó ní ó ti rọ̀. Mo ní kó tún fi ọwọ́ lásán di bóòtù náà títí ìdérí yóò fi dúró, kó wá fi ewé fílà gẹ́ẹ̀jì, irin pẹlẹbẹ tín-ínrín tí a fi ń wọn àlàfo, wo àárín ìdérí àti gíáàbọ́ọ̀sì. Ewé 0.05 wọlé yí ká. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti hàn nígbà náà. Bí ihò ló bá fún bíárìn jù, títú bóòtù kò ní jẹ́ kó rọ̀. Ìsàlẹ̀ ihò ìjókòó bíárìn ló ń kan bíárìn kí fíláǹjì tó kan gíáàbọ́ọ̀sì, bóòtù sì ń fi agbára tì í.

Ó dábàá pé kí a fi gásíkẹ́ẹ̀tì bébà sí àárín kó lè gba àyè. Mo ní rárá. Bébà tó nípọn tó 0.3 yóò gbé ìdérí sókè ju ohun tó kù díẹ̀ káàtó náà lọ, bíárìn yóò wá ní àyè láti máa lọ síwá-sẹ́yìn, jíà inú rẹ̀ kò sì ní máa pàdé bó ṣe yẹ. Àwòrán kò fi gásíkẹ́ẹ̀tì kankan hàn. Gọ́ọ̀mù olómi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ pé kí a fi dí i.

Ó gbé ìdérí náà padà wá sí Iléṣà, a sì gbé àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ojú tí wọ́n là sí méjì, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n kọ báyìí: 9 ±0.05. Ìlà ìwọ̀n rẹ̀ ní orí ọfà méjì. Ọfà kan dúró sórí ìlà tín-ínrín tó fà jáde láti ìsàlẹ̀ ihò ìjókòó bíárìn. Èkejì dúró sórí ìlà tín-ínrín tó fà jáde láti ojú fíláǹjì, ìyẹn ojú tó máa pàdé gíáàbọ́ọ̀sì. Kì í ṣe láti ẹnu ọrùn. Nínú fótókọ́pì, ìlà tín-ínrín yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàpọ̀ mọ́ ìlà ọrùn, àfi bí èèyàn bá fi ìka tọ̀ ọ́ láti orí ọfà padà dé ara irin.

Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà rọrùn ní ojú léètì. Ó rí i pé ọrùn gùn ní 6, ìjókòó sì wà ní 9 lẹ́yìn ojú fíláǹjì. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 15, ó sì wọn 15 láti ẹnu ọrùn, níbi tí ohun èlò ti tètè dé. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 15.00 gẹ́lẹ́, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọrùn tó gbẹ́ jẹ́ 6.10. Ìwọ̀n 6 yìí kò ní ohunkóhun lára, nítorí náà ISO 2768-m ló ń ṣe àkóso rẹ̀, ó sì gbà kó fi 0.1 pọ̀ jù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú 6.10. Àmọ́ bí a bá yọ 6.10 kúrò nínú 15.00, 8.90 ló kù láti ojú fíláǹjì dé ìjókòó, àwòrán sì sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní 8.95.

Ẹni tó yàwòrán mọ ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ ìlà ìwọ̀n yẹn láti ojú fíláǹjì. Ojú yẹn ló ń kan gíáàbọ́ọ̀sì, òun ló ń pinnu ibi tí bíárìn máa wà. Ẹnu ọrùn kò kan ohunkóhun nínú, gígùn rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láìṣe nǹkan. Nígbà tí tọ́nà gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n lọ sí ẹnu ọrùn, ó mú ìyàtọ̀ ọrùn wọ inú ìwọ̀n tí kò lè gba irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀: 0.1 ti ọrùn àti 0.05 ti ìjókòó.

Ó ṣeé tún ṣe nítorí pé irin ṣì wà níbẹ̀ láti gé. Bó bá ti jìn jù, òrùka tín-ínrín la ì bá wá fi sí ìsàlẹ̀ bíárìn. Ó gbé ìdérí padà sínú ṣọ́ọ̀kì, ẹnu léètì tó ń di irin mú, ó fi gẹ́ẹ̀jì olójú aago rí i pé ó dúró gbọ́nrín, ó fi orí irin ìgégbẹ́ kan ojú fíláǹjì, ó sì gbé dáyà ọwọ́ léètì sí òdo níbẹ̀. Láti òdo yẹn ló ti wọlé lọ sí 9. A wọn ọrùn bó ṣe rí gan-an, a wọn ìjókòó láti ẹnu ọrùn, a yọ èkíní kúrò nínú èkejì: 15.10 dín 6.10, 9.00. Bí ẹnì kan bá ní láti wọn láti ẹnu ọrùn nítorí pé ohun èlò rẹ̀ kò dé ojú fíláǹjì, kò burú, bó bá ti jẹ́ pé ọrùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ṣírò, kì í ṣe 6 tí a kọ sórí bébà.

Lọ́jọ́ tí a dé e padà, bóòtù le, ṣáfútù sì ń yí lọ́wọ́. Fílà gẹ́ẹ̀jì kò rí ibi wọ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti bẹ àwọn tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tẹ́ bébà sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè gbọ́nrín kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè hàn, kí wọ́n sì tún ya àpótí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àmì áńgù kò bá sí níbẹ̀ rárá, ìlà gígé-gígé ni mo ń kọ́kọ́ wá. Ó níbi tí ọgbọ́n yẹn mọ: irin pẹrẹsẹ tí gbogbo ihò rẹ̀ lu já kì í ní ìlà gígé-gígé kankan nínú ojú tí a wò ó láti iwájú tàbí ẹ̀yìn, ìlà rẹ̀ kò sì ní sọ apá tí wọ́n ti wò ó. Fún irú èyí, tí ihò rẹ̀ kò bá sì dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, mo máa ń pe ẹni tó fi ránṣẹ́ pé kó sọ ojú tó máa kọ sí ẹ̀rọ, n kì í sì jẹ́ kí a fi irin sínú ṣọ́ọ̀kì títí yóò fi dáhùn.